Igbá Tí A Kò Bò Mọ́

Èmi ni mo ni ọkọ̀ tó kó epo láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Èbúté Ìkòròdú fún ọdún tó pọ̀ débi pé mi ò kà á mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ mi ní ìgbéraga, kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Eyín mi ti dín, ẹnu mi ò tíì dín. Èmi fúnra mi ni n ó sọ ọ́, kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ má baà máa bá mi sọ ọ́ ní ìsọkúsọ.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni mí nígbà tí ìbọn òyìnbó lé wa kúrò l'Ékòó. Orí ọ̀sà la gbà, Ẹ̀pẹ́ la gúnlẹ̀ sí, ohun tí ọwọ́ lè gbé nìkan la sì gbé. Iyùn ọrùn rẹ̀ ni ìyá mi gbé, okùn mẹ́ta tí ìyá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ òwò epo láti orí ìkòkò kan ṣoṣo. Ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn ará oko Ìjẹ̀bú, ó ń tà á fún àwọn oníṣòwò tó ń ti Èkó wá sí Èbúté Ìkòròdú. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ fi máa kọ̀ tí kò lè wọ ọkọ̀ mọ́, ó ti ní òkẹ́ owó ẹyọ mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ àwọn elépo wa. Òkẹ́ mẹ́wàá yẹn ló fi ń jókòó láàárín wọn tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó wo ojú mi, ó ní, "Bí o bá fi èyí ṣòfò, o ti lé mi kúrò nílé lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn." Ẹ ẹ̀ rí ọ̀rọ̀ tí abiyamọ ń sọ fún ọmọ ẹ̀! Ìyá mi nìyẹn, kì í dá ọ̀rọ̀ sí.

Ilé mẹ́rin ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, gbogbo wa la jọ ti Èkó sá wá. Òkẹ́ ogójì ni àpapọ̀ owó wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni olórí, bàbá onírùngbọ̀n funfun tí kì í jẹ́ kí ìrun kọjá òun, tí kì í parọ́, tí kì í sì í yí ọ̀rọ̀ padà. A ò ní ọkọ̀ tiwa nígbà yẹn. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ la fi ń kó epo, ohun tó bá sì wu ọlọ́kọ̀ ló ń gbà lọ́wọ́ wa. Bí epo bá pọ̀, ó ní ẹrù ti wúwo. Bí epo bá wọ́n, ó ní ẹrù ò kún ọkọ̀. Nígbà tó sú wa, ẹ̀gbọ́n ìyá mi pe ìpàdé pé ó yẹ ká ní ọkọ̀ tiwa.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọkùnrin kan ní Èbúté Ìkòròdú fẹ́ ta ọkọ̀ méjì tó ti ń lò tipẹ́, òkẹ́ ọgbọ̀n ló ní òun ó gbà lórí méjèèjì. Ìyẹn ti wà lójú omi, ọ̀la ni a lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó epo. Ọ̀nà kejì, ọkọ mi ló mú un wá. Iṣẹ́ ọkọ̀ gbígbẹ́ ni ọkọ mi ń ṣe. Ó ti rí igi ọ̀gànwó kan nínú igbó tó wà lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, igi tí èèyàn mẹ́ta so ọwọ́ pọ̀ tí wọn ò lè gbá a mọ́ra. Owó igi, owó àwọn tí yóò gé e tí wọn yóò sì wọ́ ọ dé etí omi, owó iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, òkẹ́ ọgbọ̀n náà ni. Ṣùgbọ́n gígé àti gbígbẹ́ yóò jẹ ọ̀pọ̀ nínú ọdún àkọ́kọ́.

Ọkọ mi bá wọn dé Ìkòròdú lọ wo ọkọ̀ méjèèjì náà. Ó fi ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ wọn, ó rí ibi tí wọ́n ti fi oje igi dí i, ó rí ibi tí wọ́n tún ti dí òmíràn lé e lórí. Ó ní ọdún mẹ́ta ni wọn yóò lò, ìyẹn tí Ọlọ́run bá ṣàánú. Ọkọ̀ tuntun tirẹ̀, ó ní ọdún mẹ́wàá kò ní pa á lára. Ọkọ mi kì í fọ́nnu, èmi ni mo ń bá a fọ́n ọn.

Ẹgbẹ́ wa wá ní àṣà kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo ní. Bí a bá fẹ́ kó owó lé nǹkan ńlá, a ó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi lẹ́yìn ìrun alásárì. Wọn ó gbé igbá méjì síwájú wa, dúdú kan, funfun kan. Wọn ó da ekùrọ́ sínú igbá dúdú, ekùrọ́ kan fún òkẹ́ owó kan tí a fẹ́ ná. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yóò wá bi wá léèrè pé, "Lọ́dún kìíní, lẹ́yìn tí a bá ti san owó àwọn atukọ̀ àti owó bodè, òkẹ́ mélòó ni yóò wọlé?" Iye tí a bá fẹnu kò sí, iye ekùrọ́ yẹn ni yóò mú nínú dúdú sí inú funfun. Ó tún di ọdún kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ọjọ́ tí igbá dúdú bá ṣófo, owó ti wálé nìyẹn. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, òun ni aṣọ funfun máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ta aṣọ náà bo igbá, a ó ka Fátíà, kíkà ti parí. Ọ̀nà tí owó rẹ̀ bá tètè wálé jù ni a máa ń gbà. Ìbéèrè mìíràn kò sí.

Mi ò ní bú àṣà náà. Ó nídìí. Ẹni tí wọ́n ti fi ìbọn lé kúrò nílé rí kì í fẹ́ kí owó òun pẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi máa ń sọ pé, "Ta ló mọ ibi tí a ó sùn lọ́dún mẹ́rin òní?" Òótọ́ ni. Owó tó bá tètè padà, ọwọ́ ẹni ló wà, a lè gbé e sá lọ.

Ọjọ́ ìpàdé yẹn, wọ́n kọ́kọ́ ka ọkọ̀ méjì ti Ìkòròdú. Òkẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dún kìíní, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dún kejì. Igbá dúdú ṣófo. Aṣọ bò ó. Ọdún méjì. Wọ́n tún da ọgbọ̀n ekùrọ́ padà, wọ́n ka ti ọkọ mi. Márùn-ún lọ́dún kìíní, nítorí pé òjò yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ọkọ̀ tó bọ́ sómi. Mẹ́wàá lọ́dún kejì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dún kẹta. Igbá dúdú ṣófo. Ọdún mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ti na aṣọ sókè.

Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ má tíì bò ó, mà."

Ó wò mí. "Kí ló dé? Eku wà nínú rẹ̀ ni?"

"Rárá, mà. Kíkà ò tíì parí ni."

Mo tú ìdí aṣọ mi. Mo ti di ekùrọ́ síbẹ̀ láti ilé, ọkọ mi ò mọ̀, ìyá mi ò mọ̀. Mo da mẹ́wàá sílẹ̀ lápá kan fún ọkọ̀ Ìkòròdú. Mo ní, "Ọdún kẹta ọkọ̀ àgbà nìyí. Bó bá lò ó já. Ọdún kẹrin, mi ò ní nǹkan tí n ó dà sílẹ̀, igi ìdáná ló ti dà." Mo wá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo da mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ fún ọdún kẹrin, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìkarùn-ún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìkẹfà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìkeje. Ekùrọ́ ìdí aṣọ mi ló tán, kì í ṣe ọjọ́ ayé ọkọ̀. Òkìtì ekùrọ́ kan tóbi, èkejì dà bí ohun tí adìyẹ tú ká.

Gbogbo wọn na ọrùn wo òkìtì méjèèjì. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun. Àṣé n kò tíì rí nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní, "Ọmọ mi, owó tí a ná, ìyẹn la mọ̀, ìyẹn la sì ń retí títí yóò fi padà. Ohun tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn, èrè ni. Ọwọ́ Ọlọ́run ni èrè wà. A kì í ka ohun tó wà lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Mo ní, "Bàbá, bó bá jẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ló wà, ẹ jẹ́ ká fi igbá sílẹ̀ ní ṣíṣí, kó lè ríbi fi í sí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí ọ̀rẹ́ ìyá mi, aṣọ sì bo igbá. Ó ní ọkọ̀ méjì ti Ìkòròdú la ó rà.

Inú bí mi, ó bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí etí mi ń hó. Èèyàn rí òkìtì méjì nílẹ̀ lójú ara rẹ̀, ó sì ní kékeré lòun fẹ́ torí pé kíkà rẹ̀ ló kọ́kọ́ tán! Mo dìde lórí ẹní. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yọ òkẹ́ mẹ́wàá ìyá mi fún mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò pariwo. Pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Bí o bá mú owó ìyá rẹ kúrò, o ti mú ìjókòó rẹ̀ kúrò láàárín wa. Mi ò ní lè fún un padà nítorí pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Mo ní mo gbọ́. Wọ́n yọ òkẹ́ mẹ́wàá fún mi, ogójì ku ọgbọ̀n, ọgbọ̀n náà ni wọ́n sì kó lọ ra ọkọ̀ ní Ìkòròdú.

Nígbà tí mo délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Mo rò pé yóò bú mi. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí ẹní, ó ń fi epo ra orúnkún. Ó bi mí pé, "O sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi? Pé kó fi igbá sílẹ̀ ní ṣíṣí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ iyùn lọ́rùn, okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kó o lé mi lọ́wọ́. "Lọ tà á. Mo gbé e sá kúrò l'Ékòó, n kò ní gbé e jókòó lásán."

Mo tà á fún obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ní Ìkòròdú, ó san òkẹ́ mẹ́wàá. Ọrùn ìyá mi ṣófo, ó sì ń ṣe mí bíi pé ọrùn tèmi ni wọ́n tú sílẹ̀. Òkẹ́ mẹ́wàá ti ìpín rẹ̀, mẹ́wàá ti iyùn, ó ku mẹ́wàá. Ọkọ mi ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ló máa dí ìyẹn. Mo ní ṣebí ọ̀fẹ́ ni, ìyàwó rẹ̀ ni mí. Ó ní, "Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Kà á mọ́ ọn. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ sọ pé owó ti wálé, kí iṣẹ́ mi wà lára ohun tó wálé." Ọkùnrin gidi ni mo fẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí kí n má gbàgbé.

Wọ́n gé ọ̀gànwó náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọjọ́ tí wọ́n wọ́ ọ dé etí omi ní Ẹ̀pẹ́, àwọn apẹja fi àwọ̀n wọn sílẹ̀ wá wòran. Ọkọ mi fi àáké gbẹ́ inú rẹ̀ di ihò, ó da omi sí i, ó dáná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè rọ̀ kó sì là. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ, èmi ni mo ń lé àwọn tó ń bi í pé ìgbà wo ni yóò tán. Òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nígbà tí ọkọ̀ bọ́ sómi. Kò fì, kò yẹ̀. Ìyá mi ní kí wọ́n gbé òun dé etíkun, ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ọmọ. Ọdún yẹn, òkẹ́ márùn-ún ló wọlé, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kà á.

Ọdún kejì ló le. Mo ń pàdé ọkọ̀ méjì ti ẹgbẹ́ lójú ọ̀sà, wọ́n kún dẹ́nu, àwọn atukọ̀ wọn á máa kọrin kọjá lára mi. Ọ̀pọ̀ elépo ò tíì fẹ́ gbé ẹrù wọn fún mi nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò fọwọ́ sí ohun tí mo ṣe. Ní òpin ọdún yẹn, òkẹ́ mẹ́wàá péré ni mo rí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgbọ̀n ti dé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣì wà níta. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òkẹ́ ọgbọ̀n ti ẹgbẹ́ pé. Wọ́n pa àgbò, wọ́n pe lẹ́mọ́mù, wọ́n ka Fátíà. Ọ̀rẹ́ ìyá mi yà sílé wa pẹ̀lú ẹran nínú àwo. Ó jókòó ti ìyá mi, ó ní, "Owó tiwa ti wálé o, àlùhámúdùlílà. Tiyín ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń jẹko ni?"

Ìyá mi gba ẹran, ó jẹ ẹ́, ó ní iyọ̀ rẹ̀ dín. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ìyá mi fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ níbi tí iyùn ń wà tẹ́lẹ̀, ó sì bi mí, "Yóò wálé, àbí?" Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní parọ́, ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí ọkọ̀ yẹn bá rì, bí ogun bá dí ojú ọ̀sà, èmi ni mo gba ìjókòó lọ́wọ́ ìyá mi tí mo sì tún gba iyùn lọ́rùn rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé, "Yóò wálé, mà. Tó bá sì dé, kò ní jókòó, òmíràn á máa tẹ̀ lé e."

Ọdún kẹta, nǹkan yí. Òjò ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá nígbà tí ọ̀kan nínú ọkọ̀ ẹgbẹ́ là níbi tí wọ́n ti fi oje dí i. Tòsí Èbúté Ìkòròdú ló ti ṣẹlẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n epo fọ́n sójú omi, gbogbo etíkun pọ́n. Wọ́n fi ọkọ̀ kan tó kù parí ọdún, òkẹ́ mẹ́jọ ló mú wá, kì í tilẹ̀ ṣe mẹ́wàá tí mo dà sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ọdún fi máa yí, ìyẹn náà ò lè gbé ẹrù mọ́. Wọ́n fà á sórí ilẹ̀, ewúrẹ́ sì ń sùn sínú rẹ̀. Èmi? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wọlé fún mi lọ́dún yẹn. Márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọgbọ̀n pé. Ìpín ìyá mi, owó iyùn, iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi, gbogbo rẹ̀ ló wálé. Mi ò pa àgbò. Mo ní kí ọkọ mi yẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wò, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó le koránkorán. Mo ní kí àwọn atukọ̀ tún gbéra.

Ọdún kẹrin ni ọdún tí mo ń sọ. Owó tó wọlé lọ́dún yẹn kò sí nínú igbá ẹnikẹ́ni. Aṣọ ti bò ó kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sì sí ọkọ̀ mìíràn ní Ẹ̀pẹ́ tó gba ìkòkò tó tèmi, làwọn elépo bá ń wá. Ẹgbẹ́ náà wá. Wọ́n ní òkẹ́ ọgbọ̀n wọn lọ́wọ́ lódindi, òótọ́ ni, èrè mẹ́jọ sì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní ọkọ̀, wọ́n ti padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń yá. Èmi sì ni ọlọ́kọ̀! Iye tí mò ń gbà lọ́wọ́ ará ìta ni mo gbà lọ́wọ́ wọn, mi ò fi kún un. Mo fẹ́ fi kún un o. Ìyá mi ló ní kí n má ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń lọ sọ́jà Ìkòròdú. Mo wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sáàárín ìkòkò epo, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa igi ọkọ̀ náà títí a fi ń sún mọ́ èbúté. Ó wá bi mí pé, "Ọdún mélòó ló tún kù lára rẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ bi ọkọ mi, Bàbá. Òun ní mẹ́fà, ó kéré tán."

Ó fi ìka lu igi náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tẹ́tí sí i.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo lọ sílé obìnrin tó ra iyùn. Ó ti mọ ìdí tí mo fi wá, ló bá sọ iye rẹ̀ di òkẹ́ méjìlá. Mo bú u díẹ̀, òun náà bú mi díẹ̀, mo san án. Owó tí wọ́n ní a kì í kà ni mo fi san án. Nígbà tí mo so iyùn náà padà mọ́ ìyá mi lọ́rùn, ó fi ọwọ́ ka okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní kí n gbé omi wá kí òun wo ojú òun nínú rẹ̀. Wàláì, mi ò rí ìdùnnú tó tó ìyẹn rí láyé mi.

Kò pẹ́ sígbà náà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi pe ìpàdé. Ó ránṣẹ́ sí ìyá mi, ó ránṣẹ́ sí mi. Ìyá mi ní òun kò ní ìjókòó níbẹ̀ mọ́, kí ni òun ń wá lọ? Ẹni tó wá jíṣẹ́ ní Bàbá sọ pé kí wọ́n tẹ́ ẹní rẹ̀ síbi tó ń wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì ló gbé e lọ. Ó jókòó, iyùn lọ́rùn, ó gbé ojú sókè bí ìyàwó titun. Ẹ wo obìnrin tí wọ́n ní mo lé kúrò láàárín wọn!

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ló tún padà. Ọkùnrin kan ti Ìkòròdú tún gbé ọkọ̀ méjì tó ti gbó wá, òkẹ́ ọgbọ̀n. Ọkọ mi sì tún ti rí igi. Wọ́n gbé igbá dúdú àti funfun jáde. Wọ́n ka ti ọkọ̀ àgbà: ọdún méjì, igbá dúdú ṣófo. Ọ̀rẹ́ ìyá mi, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, ó ti ń na aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má bò ó."

Ó yíjú sí ọkọ mi. "Ọdún kẹta ńkọ́? Ọdún kẹrin?" Ọkọ mi ń dáhùn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń da ekùrọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn igbá. Ó ka ti ọkọ̀ àgbà títí kò fi sí nǹkan tó kù láti kà. Ó ka ti ọkọ̀ tuntun, ó kà, ó kà, ekùrọ́ tó wà nílé tán, ó ní kí wọ́n lọ mú sí i wá láti ilé ìdáná. Àgbàlagbà tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà, orí ìkúnlẹ̀ ló wà, ó ń to òkìtì ekùrọ́. Ojú mi ń gbóná, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Nígbà tó tán, ó ní kí ọkọ mi lọ gé igi náà, ó sì gba aṣọ funfun náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ìyá mi. Ó ká a sí mẹ́rin, ó sì nà án sí mi níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó ní, "Gbà. Mú un lọ sílé. A ò nílò rẹ̀ níbí mọ́."

Ìyá mi yọjú wò ó. Ó ní aṣọ náà dára, kí n jẹ́ kí òun máa fi di iyùn òun bí òun bá bọ́ ọ lálẹ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ni n ó rà fún yín, ṣùgbọ́n aṣọ yìí ò ní bo nǹkan kan mọ́."

Ó wà nínú àpótí mi títí di òní.